Igba ọ̀rọ̀ ni fóònù ń bi ọkọ mi láràárọ̀, kò dín, kò lé: ẹ bá mi wò ó

Ìyá Ìbejì (Àjàṣẹ́)

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ègùn ni ọkọ mi, télọ̀ ni, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́bàá ọjà Wàndó. Láti ìgbà tí a ti fẹ́ra, Faransé la fi ń bára wa sọ̀rọ̀. Nígbà tí a bí àwọn ìbejì, ó ní òun ò fẹ́ kí àwọn ọmọ òun máa bá ìyá mi sọ ohun tí òun ò ní gbọ́, ló bá ní òun á kọ́ Yorùbá. Àbúrò mi bá a gbé Anki, ètò tó ń fi káàdì bi èèyàn ní ọ̀rọ̀, sórí fóònù, ó kó káàdì bí 2,000 sí i, Yorùbá lójú kan, Faransé lẹ́yìn. Aago méje àárọ̀ ni fóònù ń dún pé ọ̀rọ̀ ti dé.

Oṣù kan àkọ́kọ́ dùn. Ogún ọ̀rọ̀ tuntun lójúmọ́, ó ń gbé wọn mì bí ẹni mu ẹ̀kọ. Lẹ́yìn náà ló lọ sí Kútọnu fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, wọ́n fẹ́ rán aṣọ ẹbí fún ìgbéyàwó kan, kò fọwọ́ kan fóònù nítorí ọ̀rọ̀ yìí. Ó dé, ó bá 200. Ó ṣe 60, ilẹ̀ mọ́, 200. Ó làágùn ṣe 90, ilẹ̀ mọ́, 200. Ọ̀rọ̀ tuntun kankan ò sì wọlé mọ́, ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì. Ó ní ṣe ni òun ń fi ajere pọn omi. Lánàá ló sọ pé òun á yọ ọ́ kúrò lórí fóònù. Ẹ jọ̀ọ́, kí la ó ṣe?

Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́

Àǹtí, ẹ pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, kí ẹ̀gbọ́n bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Òkìtì tó ti ga bẹ́ẹ̀ kò ṣeé kó mọ́. Ohun kan tó tún yẹ kí wọ́n mọ̀: bí wọn ò bá rántí ọ̀rọ̀, kí wọ́n má tẹ bọ́tìnì kìn-ín-ní lápá òsì. Ìyẹn á dá ọ̀rọ̀ náà padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Bọ́tìnì kejì ni kí wọ́n máa tẹ̀. Ohun tí èmi ń ṣe pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì nìyẹn, tèmi kì í ju 40 lọ lójúmọ́.

Àgbà Àjàṣẹ́

Ọmọ mi, ohun tí mo rí kà níbí ni pé ọkọ rẹ ń gbàgbé nǹkan. Láyé tiwa, ìsọ̀yè là bá ṣe fún un, ọ̀rọ̀ á parí. Ẹ̀yin ọmọ òde òní ò gba ìyẹn gbọ́, ó dáa. Ṣùgbọ́n ní ilé kéú tí mo lọ, àáfà kì í fún ọmọ ní tuntun bí kò bá tíì ka ti àná àti ti ìjẹta tán. O lè sunkún títí, kò ní ṣí ojú ewé kejì fún ọ. Èwo ni ogún ọ̀rọ̀ lójúmọ́? Ta ló lé e?

Olùkọ́ Kétu

Ìyá Ìbejì, ẹ kú wàhálà. Ẹ má tíì pa nǹkan kan rẹ́.

200 tó dúró gbọnin yẹn ló sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ fún mi. Òkìtì gidi kì í dúró sójú kan: á jẹ́ 183 lónìí, á di 211 lọ́la. 200 yẹn kì í ṣe iye ọ̀rọ̀ tó ń dúró de ọkọ yín rárá, gbèdéke ni. Bí Anki ṣe ń ti ọwọ́ àwọn tó ṣe é jáde, kì í fi ju 200 àtúnyẹ̀wò han ènìyàn lójúmọ́, àti 20 tuntun. Bí èyí tó wà lẹ́yìn ìlẹ̀kùn bá jẹ́ 250, bó sì jẹ́ 900, 200 náà lẹ ó máa rí. Òun náà ló sì dí ọ̀nà mọ́ ọ̀rọ̀ tuntun: àtúnyẹ̀wò ti jókòó sí gbogbo àga, tuntun ò ríbi jókòó. Àáfà tí Bàbá ń sọ ló wà nínú fóònù yẹn.

Ẹ ṣí ètò àkójọ káàdì náà. Fóònù tèmi wà ní Gẹ̀ẹ́sì, ohun tó kọ síbẹ̀ ni Maximum reviews/day. Bí tiwọn bá wà ní Faransé, ẹ ṣáà wá ibi tí 200 wà, kí ẹ fi 9999 rọ́pò rẹ̀. Lókè rẹ̀ lẹ ó ti rí 20. Ẹ sọ ìyẹn di 0. Lẹ́yìn náà kí ẹ wá sọ iye tí ẹ rí fún wa. Kí ọkọ yín jókòó kí wọ́n tó wò ó o.

Ìyá Ìbejì (Àjàṣẹ́)

437! Ó wò ó, ó wò mí, ó padà sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, kò sọ nǹkan kan.

Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́

Mo sọ ọ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun.

Olùkọ́ Kétu

Rárá, àbúrò. Ìdí tí mi ò fi fara mọ́ ọn nìyí. Ká ní ọ̀rọ̀ kan wà tó yẹ kó padà wá lẹ́yìn ọjọ́ 8, ó wá pẹ́ ọjọ́ 10 sí i nítorí ìrìn àjò. Bí ọkọ wọn bá rántí rẹ̀ báyìí, a jẹ́ pé ọjọ́ 18 ni ó fi dúró sínú orí. Ètò náà mọ èyí. Á mú ìdajì ìgbà tó fi pẹ́, ìyẹn 5, á fi kún 8, ó di 13, á wá sọ ọ́ di ìlọ́po méjì àbọ̀: ọjọ́ bí 32. Ká ní kò pẹ́ ni, 20 ni ì bá gbà. Ẹ rí i pé pípẹ́ tí wọ́n pẹ́ kò bá gbogbo ọ̀rọ̀ jẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú 437 yẹn ló máa fò jìnnà tí wọ́n bá ti tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹ bá pa á rẹ́, gbogbo ìmọ̀ yẹn lẹ sọ nù, 20 lójúmọ́ yóò sì tún kó wọn padà síbi tí wọ́n wà.

Torí 20 yẹn gan-an ni àìsàn. Ìrìn àjò Kútọnu kàn fi í hàn ni. Ẹ bá mi kà á. Ìdì ọ̀rọ̀ 20 tí èèyàn kọ́ lónìí á padà wá lọ́la. Bó bá rántí, á tún padà lẹ́yìn ọjọ́ 3, lẹ́yìn náà 8, lẹ́yìn náà 20, bẹ́ẹ̀ ló ń lọ ní ìlọ́po méjì àbọ̀. Òfin tí Piotr Woźniak, ará Pólàǹdì, gbé kalẹ̀ ní 1987 ni èyí ti ṣẹ̀ wá. Nígbà tí oṣù kan bá fi kọjá díẹ̀, ìdì mẹ́rin ló ń kanlẹ̀kùn pa pọ̀ láàárọ̀ kan: ti àná, ti ọjọ́ 4 sẹ́yìn, ti ọjọ́ 12 sẹ́yìn, ti ọjọ́ 32 sẹ́yìn. 80 nìyẹn. Tuntun 20 ti òní náà á hàn lẹ́ẹ̀méjì ó kéré tán, 40. Àpapọ̀ 120.

Ìṣẹ́jú mélòó ni wọ́n ń lò láàárọ̀, Ìyá Ìbejì? Wọ́n sì ń pẹ́ tó lórí káàdì kan?

Ìyá Ìbejì (Àjàṣẹ́)

Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí oníbàárà tó bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Mo fi aago wò ó láàárọ̀ yìí: káàdì mẹ́rin ní ìṣẹ́jú kan. Ó ń fẹnu wúyẹ́wúyẹ́ kó tó yí i padà.

Olùkọ́ Kétu

Mẹ́rin ní ìṣẹ́jú kan, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú: 120. Ó kún dẹ́ńdẹ́, láìtíì gbàgbé ẹyọ ọ̀rọ̀ kan. Ẹni tó bá sì ń gbàgbé ọ̀kan nínú mẹ́rin, 20 nínú 80 yẹn ló máa tún hàn lọ́jọ́ náà, tí wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ kan lọ́la. Ìyẹn ni pé ife ti ń dà sílẹ̀ kó tó gbọ́ orúkọ Kútọnu.

Ohun tí n bá ṣe nìyí. Tuntun á wà ní 0. Wọ́n á ṣe 100 lójúmọ́, ìṣẹ́jú 25, kí wọ́n pa fóònù dé, bó ti wù kó kù tó. Lójoojúmọ́, bí 50 àtijọ́ á ṣì máa wọlé, nítorí náà bí 50 ni òkìtì á fi máa dín. Ọjọ́ mẹ́sàn-án, ó kù díẹ̀ kó tán. Bó bá tán, kí wọ́n ṣí ìlẹ̀kùn fún tuntun 8, kì í ṣe 20. Mẹ́jọ lọ́nà mẹ́rin jẹ́ 32, pẹ̀lú 16 ti tuntun, 48: ìṣẹ́jú 12. Àyè wà fún ìgbàgbé níbẹ̀, àyè wà fún ọjọ́ tí ọmọ bá ń ṣàìsàn.

Lórí bọ́tìnì kejì: ẹ má ṣe é. Bọ́tìnì yẹn kò túmọ̀ sí pé "mi ò mọ̀ ọ́n", ó túmọ̀ sí pé "mo rántí, ṣùgbọ́n ó pẹ́ kó tó wá". Bí ọ̀rọ̀ kan bá ti wà ní ọjọ́ 20, tí ẹ ò mọ̀ ọ́n, tí ẹ tẹ kejì, ọjọ́ 24 ni á tó tún dé. Ọ̀rọ̀ tí ẹ ò mọ̀ ni ẹ rán lọ sí ìrìn àjò yẹn o.

Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́

Háà. Abájọ tí mo fi ń pàdé àwọn ọ̀rọ̀ kan lóṣooṣù bí àlejò. Mo rò pé Gẹ̀ẹ́sì ló le.

Àbẹ̀kẹ́ (Ṣakété)

Ẹ jẹ́ kí n bọ́ sí i. Èmi ò lo fóònù. Ọmọ kan ń kọ́ iṣẹ́ irun lọ́dọ̀ mi, láti apá àríwá ló ti wá, fóònù kékeré tí ò lè gba nǹkankan ló ní. Àpótí bàtà ni mo fi kọ́ ọ ní Yorùbá. Mo gé páálí pélébé, mo kọ ọ̀rọ̀ sí i, mo pín àpótí sí yàrá márùn-ún. Olùkọ́ kan ní iléèwé wa ló fi hàn mí nígbà kan, ó ní ẹnì kan tó ń jẹ́ Leitner ló kọ ọ́ sínú ìwé ní 1972. Yàrá kìn-ín-ní, ojoojúmọ́. Bó bá rántí, páálí bọ́ sí yàrá kejì, ọjọ́ méjì méjì. Bó bá gbàgbé, yàrá yòówù kó wà, ó padà sí kìn-ín-ní.

Wàhálà mi ni pé ta ló máa rán an létí pé yàrá kẹta ló kàn lónìí? Kò sí fóònù tó ń dún. Mo wá so ó mọ́ ọjọ́ ọjà. Yàrá kẹta, ọjà ọrọọrún. Yàrá kẹrin, ìsán. Yàrá karùn-ún, ọjọ́ tí a ń dá àjọ ìtàdógún. Kò sí bí obìnrin ọlọ́jà ṣe máa gbàgbé ọjọ́ wọ̀nyí, àwọn oníbàárà mi gan-an ló ń rán wa létí.

Olùkọ́ Kétu

Ìyá, ẹ pa mí lẹ́rìn-ín ayọ̀. Ẹ wo ohun tí ẹ ṣe, bóyá ẹ mọ̀ọ́mọ̀, bóyá ẹ ò mọ̀ọ́mọ̀. Àwọn bàbá wa máa ń ka ọjọ́ tí wọ́n wà mọ́ ọn. Ọrọọrún ni a ń pè é, ṣùgbọ́n ọjọ́ 4 ló wà láàárín ọjà kan àti èkejì. Ìsán jẹ́ 8. Ìtàdógún jẹ́ 16. Pẹ̀lú 1 àti 2 tí ẹ fi bẹ̀rẹ̀: 1, 2, 4, 8, 16. Ìlọ́po méjì géérégé. Ó sún mọ́ tinú fóònù gan-an, ó kàn ń rọra rìn díẹ̀ ni.

Ibi tí àpótí ti máa dùn yín ni pé gbogbo páálí inú yàrá kan ló ń rìn pa pọ̀, èyí tó rọrùn àti èyí tó le. Ọ̀rọ̀ tó rọrùn bí "omi" á ṣì máa gba àkókò yín ní gbogbo ìtàdógún. Fóònù á ti rán an lọ sí ọdún tó ń bọ̀.

Àbẹ̀kẹ́ (Ṣakété)

"Omi" ti jáde nínú àpótí tipẹ́, a ti fi dá iná. Bó bá ti gba yàrá karùn-ún já lẹ́ẹ̀méjì, ó ti tó.

Ìyá Ìbejì (Àjàṣẹ́)

Ọjọ́ kẹta lónìí, ó ti di 298. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ọ̀kan. Lọ́jọ́ Àìkú ìyá mi ní kí ó bá òun tún bùbá kan ṣe, ó fún òun lọ́rùn. Ọkọ mi dìde, ó sọ ọ́ ketekete pé: "Màmá, mo máa fẹ ọ̀run yín." Ìyá mi ní, "Ẹ má tíì rán mi lọ, àna mi, mo ṣì fẹ́ rí ìgbéyàwó àwọn ìbejì."

Télọ̀ ni o! Ọrùn aṣọ ni iṣẹ́ rẹ̀. Mo wá káàdì "ọrùn" nínú fóònù, ó ní ó ti pẹ́ tí kò jáde mọ́, òun rò pé òun ti mọ̀ ọ́n ni.

Olùkọ́ Kétu

Kò mọ̀ ọ́n. Bí káàdì kan bá di èyí tí èèyàn gbàgbé lẹ́ẹ̀mẹ́jọ, Anki á lẹ àmì kan mọ́ ọn, leech ló ń kọ, bí àbúrò yín bá sì ṣètò rẹ̀ bẹ́ẹ̀, á dá a dúró. Kò ní jáde mọ́, kò sì ní pariwo. Ẹ tẹ tag:leech sí ibi ìwákiri, ẹ ó rí gbogbo wọn. Mo lè fọwọ́ sọ̀yà pé "ọ̀run", "ọrun" tí wọ́n fi ń ta ọfà, àti "oòrùn" wà níbẹ̀, bóyá pẹ̀lú "igba", "igbá" àti "ìgbà".

Ìyá Ìbejì (Àjàṣẹ́)

31. "Ọkọ", "ọkọ́" àti "ọkọ̀" náà wà níbẹ̀. Ojú ń tì mí fún un.

Olùkọ́ Kétu

Kí ojú má tì yín. Èdè Ègùn náà ní ohùn, etí rẹ̀ kò di. Ohùn àárín ni mo ti rí i pé ó ń da ọ̀pọ̀ wọn láàmú, ìyẹn "ọ" ìbẹ̀rẹ̀ "ọrùn", tí kò ròkè, tí kò sì relẹ̀. Bí ẹ bá sì fi "ọrùn", "ọ̀run" àti "ọrun" sínú ọ̀sẹ̀ kan náà, ọ̀kan á máa ti èkejì ṣubú. Títún un bi í nígbà ẹgbẹ̀rún kò ní yanjú ìyẹn. Àtúnyẹ̀wò máa ń pa ohun tó ti wọlé mọ́ ni, kì í mú èyí tí kò tíì wọlé wọlé.

Ẹ mú ọ̀kan ṣoṣo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, èyí tí iṣẹ́ rẹ̀ ń lò: ọrùn. Ẹ jẹ́ kí àwọn yòókù ṣì dúró. Ẹ má kọ "ọrùn" lásán sójú káàdì, ẹ kọ "fẹ ọrùn aṣọ", kí ìyá yín sì sọ ọ́ sínú fóònù, kí ẹ gbé ohùn wọn sí káàdì náà. Kí ọkọ yín pè é sókè kó tó yí i padà. Wúyẹ́wúyẹ́ yẹn kò fi ohùn hàn, ibẹ̀ ni irọ́ ń gbà wọlé. Nígbà tí àlàfo "ọrùn" bá ti kọjá ọjọ́ 21, ẹ tú "ọ̀run" sílẹ̀, òun náà pẹ̀lú gbólóhùn tirẹ̀.

Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́

Kí ló dé tí ẹnikẹ́ni ò sọ FSRS? Láti 2023 ló ti wà nínú Anki. Ẹ tàn án, ó máa fúnra rẹ̀ wo bí ẹ̀gbọ́n ṣe ń gbàgbé, á ṣe àlàfo tó bá orí wọn mu. Ẹ fi ìwọ̀n ìrántí tí ẹ fẹ́ sí 0.90, ọ̀rọ̀ á parí.

Olùkọ́ Kétu

Ó dáa, èmi náà ń lò ó. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ ti tẹ̀ ló fi ń kọ́ bí ẹ ṣe ń gbàgbé. Ẹni tó ti ń tẹ bọ́tìnì kejì sí ohun tí kò mọ̀ láti ọdún kan ti sọ fún un pé òun rántí. Mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ní ti ọkọ Ìyá Ìbejì, n bá ní kí òkìtì tán ná.

Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́

Ẹ ti dárúkọ mi, ẹ̀gbọ́n. Èmi ṣì sọ pé kí wọ́n tàn án lónìí. Òun fúnra rẹ̀ lè tún òkìtì náà tò.

Ìyá Ìbejì (Àjàṣẹ́)

Ọjọ́ kẹfà: 168. Ó kúrò lórí aago méje, a gbé ìpè náà sí aago méjì ọ̀sán tí oòrùn mú, tí oníbàárà ò sí. Àárọ̀ tí fóònù ń dún, ó ń kó aṣọ síta ni, yóò ní òun á ṣe é tó bá ṣe díẹ̀, ó parí nìyẹn. A yọ àwọn káàdì bíi "kọ́bọ̀" náà kúrò, ta ló ń ná kọ́bọ̀ níbí?

Ìbéèrè mi tó kù: Kétu ni wọ́n bí ìyá mi, ohun tó wà lórí káàdì sì jẹ́ Yorùbá inú ìwé ti Nàìjíríà. Níbi kan, ìyá mi ka káàdì, ó ní "a kì í sọ ọ́ bẹ́ẹ̀", ó sọ tirẹ̀. Èwo ni kí n fi sílẹ̀?

Àgbà Àjàṣẹ́

Ti ìyá rẹ. Àbí rédíò ni ọkọ rẹ fẹ́ bá jẹun lọ́jọ́ Àìkú?

Olùkọ́ Kétu

Èmi á kọ méjèèjì sẹ́yìn káàdì, kí èyíkéyìí tó bá sọ jẹ́ rírántí. Ṣùgbọ́n àwọn ìbejì máa ka ìwé lọ́jọ́ kan, mi ò lè sọ pé Bàbá jìnà sí òtítọ́, mi ò sì lè sọ pé wọ́n sún mọ́ ọn tán.

Ìyá Ìbejì (Àjàṣẹ́)

Ìyá mi ti ka 14 sínú fóònù báyìí. Ó ní kí n ra dátà fún òun kó tó ka èyí tó kù.